Ímeèlì tó ń bá fáìlì ìtumọ̀ lọ: báwo ni kí n ṣe kọ ìbéèrè tó ṣẹ́kù àti ibi tí ìrísí ò ti pé?

Atẹ̀wé_Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé ìlò ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni mo túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ó ti parí, ọ̀la ni mo máa fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìtumọ̀ tó gbé e fún mi. Fáìlì Wọ́ọ̀dù kan ni, pẹ̀lú Ẹksẹ́ẹ̀lì kan tó kó ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ náà. Mo ṣì ní ìbéèrè tí n ò rí ìdáhùn sí, àwọn àwòrán kan sì wà tí n ò lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa fi kọ ímeèlì náà, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ rèé:

> Ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ ti parí, ẹ wo fáìlì méjì tí mo so mọ́ ọn. Ojú ìwé 14 àti 22 ò bára mu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó. Ẹ tún sọ fún mi bóyá kí n túmọ̀ START/STOP. Àwọn àwòrán kan ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àmì orí lẹ́tà lè máà hàn dáadáa lórí kọ̀ǹpútà yín. Ẹ ṣeun.

Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? N ò fẹ́ kó dà bíi pé iṣẹ́ ò tíì parí.

Ọmọ_Oníwèé

Ó kúrú jù. Ojú ìwé kan gbáko ló yẹ kó jẹ́. Kọ iye ọdún tí o ti ń túmọ̀, kọ ìwé-ẹ̀rí rẹ, kí o sì sọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbà ọ́ dípò ẹlòmíràn.

Atẹ̀wé_Òru

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe lẹ́tà ìwáṣẹ́ o. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi, mo ti ṣe é tán. Ímeèlì tí mo máa so fáìlì mọ́ ni.

Ọmọ_Oníwèé

Háà! Mo sáré kà á ni. Ó yá, mo ti jókòó, ẹ máa bá a lọ.

Bàbá_Gbédègbẹyọ̀

Gígùn kọ́ ni ìṣòro rẹ̀, àbúrò. Ẹni tó máa gba ímeèlì yẹn ò gbọ́ Yorùbá, ó sì ṣeé ṣe kó ní èdè mẹ́jọ mìíràn tó ń dúró dè é. Tó bá ka "ẹ bá mi wò ó", kí ló fẹ́ wò? Kò mọ ohun tí o ti ṣe sí ibẹ̀. Ṣé o fò ó ni? Ṣé o mú ọ̀kan, o fi èkejì sílẹ̀? Ohun tó ń mú kí iṣẹ́ jọ èyí tí ò parí nìyẹn. Ìbéèrè mẹ́wàá tó ṣe kedere ò lè dà bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tó wà àti ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì sọ. Lẹ́yìn náà, kó sọ ohun tí o fi síbẹ̀ báyìí, àti ohun tó máa yí padà bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Tó o bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí wọn ò tiẹ̀ fèsì, wọ́n ṣì lè lo fáìlì náà, gbogbo ẹni tó bá gbé e sì mọ ohun tó ń gbé. Ìbéèrè tí ò ní "ohun tí mo fi síbẹ̀ báyìí" máa ń dá gbogbo iṣẹ́ dúró, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í sì í dáhùn rẹ̀ rárá nítorí pé kò sí bí èèyàn ṣe máa fi ìlà kan dáhùn.

Ibi tó wà yẹn náà, má fi ojú ìwé nìkan sọ ọ́. Yorùbá ti fẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nínú fáìlì rẹ, ojú ìwé 14 tiwọn lè ti di 16 lọ́dọ̀ rẹ. Kọ nọ́ńbà ìsọ̀rí, kí o sì ṣàlàyé pé ojú ìwé ti Gẹ̀ẹ́sì lo ń wí.

Kí gan-an ni 14 àti 22 fi ń bára wọn jà?

Atẹ̀wé_Òru

Ìsọ̀rí 3.2 ní kí èèyàn jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kó tó wọn ẹ̀jẹ̀. Ìsọ̀rí 5.1 ní ìṣẹ́jú 10. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ níbi méjèèjì. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú 5 ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń sọ, mo ti fẹ́ kọ 5 síbi méjèèjì kí n má bàa yọ wọ́n lẹ́nu.

Bàbá_Gbédègbẹyọ̀

Má dán an wò. O lè tọ̀nà o, àmọ́ ìwọ kọ́ lo ṣe ẹ̀rọ náà. Bí o bá tún un ṣe ní Yorùbá, tí wọ́n wá tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí 10 lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìwé Yorùbá nìkan ló máa sọ ohun tó yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó máa rántí ìdí rẹ̀. Fi 5 sí 3.2, fi 10 sí 5.1, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí o sì sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ lo ṣe. Èyí ni kó jẹ́ ìbéèrè àkọ́kọ́, torí ó kan bí aláìsàn ṣe máa lo ẹ̀rọ, ó sì jẹ́ àṣìṣe inú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣeé ṣe kí ìwé Faransé àti Hausa wọn ní in pẹ̀lú. Oníbàárà máa ń fẹ́ràn kí wọ́n tètè gbọ́ irú nǹkan báyìí.

Ti START/STOP, ìbéèrè tí o bi wọ́n kọ́ ló yẹ kí o bi wọ́n. Bóyá kí o túmọ̀ ọ, ìwọ ni ògbufọ̀, wọn ò mọ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni bóyá ọ̀rọ̀ yẹn wà lára bọ́tìnì ẹ̀rọ náà, àti bóyá bọ́tìnì yẹn máa yí padà fún àwọn tó máa rà á. Bí bọ́tìnì bá dúró bẹ́ẹ̀, olówó ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí START/STOP nínú ìwé kó lè mọ ibi tó máa tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa fi dáhùn.

Olùyẹ̀wò_Kejì

Èmi ò gbà pé ó yẹ kí ìbéèrè kankan bá iṣẹ́ tó ti parí lọ. Ìbéèrè, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni. Tó o bá dúró di ọjọ́ ìfiránṣẹ́, wọ́n máa rò pé o ò ka ìwé náà títí o fi dé ìparí.

Bàbá_Gbédègbẹyọ̀

O tọ̀nà dé ààyè kan. Ohun tó bá kan gbogbo ìwé, bíi START/STOP tó lè wà níbi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ kìíní ló yẹ kí èèyàn béèrè rẹ̀. Àmọ́ 5 àti 10 yìí, ìgbà tí èèyàn bá ń ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì ló máa ń hàn. Àwọn kan tún wà tí o ti béèrè, tí ẹnikẹ́ni ò sì dáhùn. Àwọn yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ímeèlì, kí o sì kọ ọjọ́ tí o kọ́kọ́ béèrè wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, láìfi ìbínú kún un.

Atẹ̀wé_Òru

Mo ti béèrè ti START/STOP láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọn ò fèsì.

Alámì_Ohùn

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí àmì. "Lè máà hàn dáadáa" yẹn máa dẹ́rù bà wọ́n lásán. Ìṣòro yẹn ò le. Nínú Wọ́ọ̀dù, lọ sí File > Options > Save, kí o fi àmì sí "Embed fonts in the file". Fọ́ǹtì á bá fáìlì rìn, gbogbo àmì á dúró síbi tó yẹ lórí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Ó tán. Kò sídìí láti mẹ́nu kàn án.

Olóòlù

Kò tíì tán o. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣí i nínú Wọ́ọ̀dù, tí fọ́ǹtì náà sì gbà kí wọ́n gbé òun sínú fáìlì. Ìwé ìlò kì í parí sínú Wọ́ọ̀dù. Ẹnì kan máa da ọ̀rọ̀ yẹn sínú ẹ̀rọ ìtòwé, ó sì máa fi fọ́ǹtì iléeṣẹ́ wọn tò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn lẹ́tà bíi ẹ, ọ, ṣ, á, ò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní kóòdù kan ṣoṣo tirẹ̀, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ló ní wọn. Àmọ́ ẹ́ tàbí ọ̀, tó ní àmì lókè tó tún ní sàmì nísàlẹ̀, kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Kóòdù méjì ló máa ń di: ẹ, lẹ́yìn náà àmì ohùn. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣe dáadáa á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kó fi àpótí òfo síbẹ̀. Ẹni tó ń tòwé ò gbọ́ Yorùbá, kò lè mọ̀ pé ó bà jẹ́.

Nítorí náà, sọ ọ́, àmọ́ sọ ohun tí ojú máa rí àti ohun tí wọ́n máa ṣe. Sọ pé kí wọ́n wo ẹ̀ àti ọ́ nínú àkọlé ojú ìwé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó. Bí àmì bá kúrò lórí lẹ́tà, kí wọ́n lo fọ́ǹtì bíi Noto Sans tàbí Charis SIL. Kí o sì fi `.pdf` kan kún un, kìkì kí wọ́n lè fi ojú wò bó ṣe yẹ kó rí. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe da ọ̀rọ̀ kọ láti inú rẹ̀, torí àmì máa ń fọ́n ká níbẹ̀.

Alámì_Ohùn

Ti ìtòwé yẹn, mo gbà. N ò ronú kan ẹni tó máa tò ó.

Atẹ̀wé_Òru

Ẹksẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ ju 16 lọ, wọ́n kọ ọ́ sí òpó kẹta. Mo ka gbogbo rẹ̀ ní méní-méjì, kò sí èyí tó kọjá. "Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́" jẹ́ 10, mo ka àlàfo mọ́ ọn.

Olóòlù

Ojú rẹ ló ka 10. Fi èyí kà á:

```
=LEN(B7)
```

12 ló máa sọ bí kíbọọ̀dù rẹ bá ń kọ ẹ ní kóòdù kan, torí ó ka àmì ohùn orí Ẹ̀ àti ẹ́ sọ́tọ̀. Bí kíbọọ̀dù rẹ bá ń tú gbogbo lẹ́tà sí wẹ́wẹ́, tí sàmì ìsàlẹ̀ dá wà, tí àmì ohùn náà dá wà, 18 ló máa sọ. Ojú ò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì.

Wàyí o, jẹ́ ká ní ẹ̀rọ wọn ń gé ohunkóhun tó bá kọjá 16. Nínú èyí tó jẹ́ 18, e tó gbẹ̀yìn ni kóòdù kẹrìndínlógún. Sàmì rẹ̀ àti àmì ohùn rẹ̀ á bọ́ sóde, ojú ẹ̀rọ á sì kọ "Ẹ̀rọ ń ṣiṣe". Kò ní jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé. Ó máa jọ pé ògbufọ̀ ò mọ àmì í fi sí, ìwọ ni wọ́n sì máa dá lẹ́bi.

Atẹ̀wé_Òru

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò ni. 18 ni.

Olóòlù

O ò ní láti tún un tẹ̀. Bí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń lo Páítọ́ǹnù, èyí á kó wọn jọ:

```
import unicodedata
t = unicodedata.normalize("NFC", t)
```

Lẹ́yìn ìyẹn, fi `LEN` ka gbogbo òpó náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú ímeèlì, kọ pé NFC ni ọ̀rọ̀ náà wà, ìyẹn ọ̀nà tó ń kó lẹ́tà àti àmì rẹ̀ sínú kóòdù kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, pé `LEN` lo fi kà á, kí o sì bi wọ́n bóyá kóòdù ni 16 wọn tàbí báìtì. Bó bá jẹ́ báìtì ni, ọ̀rọ̀ máa yí padà, torí ẹ nìkan ti gba báìtì 3 nínú UTF-8, àmì ohùn tún gba 2. "Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́" máa kọjá 16 láìsí àní-àní.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo kọ ímeèlì tó dára bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, ìbéèrè tò lẹ́sẹẹsẹ, ohun gbogbo wà níbẹ̀. Alákòóso iṣẹ́ níléeṣẹ́ ìtumọ̀ kan yọ àwọn fáìlì jáde, ó gbé wọn fún oníbàárà, ímeèlì mi sì kú sọ́dọ̀ tiẹ̀. Ìgbà tí oníbàárà wá ń pariwo pé kí ló dé tí àwòrán wà ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo tó mọ̀. Láti ìgbà náà, mi ò fi ìbéèrè sínú ímeèlì mọ́. Inú fáìlì tirẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí, mo sì ń fi sínú fódà kan náà pẹ̀lú iṣẹ́, kí ẹni tó bá gbé iṣẹ́ gbé e pẹ̀lú.

Bàbá_Gbédègbẹyọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Àmọ́ èmi ò fẹ́ kí ìbéèrè tó kan ìlera aláìsàn wà nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè máà ṣí. Inú ímeèlì gan-an, lókè, ni mo máa ń fi í sí.

Sùúrù_Lérè

Èmi wà ní apá kejì, èmi ni mo ń gba irú ímeèlì yìí. Tí ìbéèrè bá ju mẹ́rin lọ, mo máa ń fẹ́ fáìlì, torí mo ní láti gbé e fún oníbàárà láìtún un kọ. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ímeèlì tó. Ohun tí mo kórìíra ni kí ó wà níbi méjèèjì, kí ọ̀rọ̀ inú wọn sì yàtọ̀. Ẹ má ṣe fi kọ́méǹtì sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Wọ́ọ̀dù pẹ̀lú. Àwọn kan ti tẹ̀wé pẹ̀lú kọ́méǹtì lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ èyí tó ń dá iṣẹ́ dúró àti èyí tí ò dá a dúró. Tí mo bá ka ìlà méjì àkọ́kọ́, mo ti gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá mo lè fi ránṣẹ́ síwájú lónìí.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Tèmi ò ka ìlà kankan.

Atẹ̀wé_Òru

Mo ti tún un kọ. Àwòrán 5 ni mo kà tó ní ọ̀rọ̀ nínú. Ẹ wò ó:

> Àkọlé: Ìwé ìlò, Yorùbá: iṣẹ́ ti parí. Ìbéèrè 1 ń fẹ́ ìdáhùn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́
>
> Ẹ kú iṣẹ́. Ìtumọ̀ ti pé, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ lè gbé e fún ẹni tó ń tòwé lónìí. Ìbéèrè 1 nìkan ló yẹ kó ní ìdáhùn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà ojú ìwé tí mo kọ sísàlẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì.
>
> 1. Ìsọ̀rí 3.2 (ojú ìwé 14) ní kí èèyàn sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kó tó wọn ẹ̀jẹ̀. Ìsọ̀rí 5.1 (ojú ìwé 22) ní 10. Mo fi méjèèjì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Èwo ló tọ̀nà? Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa yí padà.
>
> 2. START/STOP (mo kọ́kọ́ béèrè rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́): ṣé ọ̀rọ̀ yìí máa wà lára bọ́tìnì ẹ̀rọ bó ṣe wà yìí? Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí náà mo fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá níbi tó ti kọ́kọ́ jáde. Bí bọ́tìnì bá máa yí padà, mo máa pààrọ̀ rẹ̀ níbi gbogbo.
>
> 3. Ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ: kò sí èyí tó ju 16 lọ bí `LEN` ṣe kà á, NFC ni gbogbo rẹ̀. Ṣé kóòdù ni 16 yín tàbí báìtì? Bó bá jẹ́ báìtì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá Ẹksẹ́ẹ̀lì padà fún mi kí n gé wọn kúrú.
>
> Ìrísí: Ọ̀rọ̀ inú àwòrán márùn-ún ò ṣeé tún ṣe nínú Wọ́ọ̀dù. Ìtumọ̀ wọn wà nínú tábìlì kan ní ìparí ìwé náà, pẹ̀lú nọ́ńbà àwòrán àti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Bí ẹ bá ní fáìlì àwòrán gan-an, mo lè fi sí i. Ẹ yọ tábìlì yẹn kúrò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Atọ́ka àkóónú ti bá ojú ìwé inú fáìlì yìí mu, àmọ́ ẹ tẹ Ctrl+A, kí ẹ sì tẹ F9 bí ẹ bá yí nǹkan padà. `.pdf` wà fún wíwò nìkan. Bí àmì ohùn bá kúrò lórí lẹ́tà lẹ́yìn ìtòwé, ẹ lo Noto Sans, kí ẹ sì fi ojú ìwé kan hàn mí.

Bàbá_Gbédègbẹyọ̀

Ó dára. "Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa yí padà" yẹn wù mí gan-an, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìdáhùn ò ní ná wọn ní nǹkan. Kọ ọjọ́ gan-an dípò "ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́", kí wọ́n lè wá ímeèlì yẹn rí.

Sùúrù_Lérè

Tábìlì àwòrán yẹn, mú un kúrò nínú ìwé náà. Fi sínú fáìlì tirẹ̀. "Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́" jẹ́ ìlà kan tí ẹnì kan máa gbàgbé.

Olóòlù

Mo fara mọ́ Sùúrù_Lérè. Orúkọ fáìlì náà, fi orúkọ tí wọ́n fún ọ sílẹ̀ bó ṣe wà, kìkì kí o fi `_yo` kún ìparí rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ wọn máa ń fi orúkọ wá fáìlì.

Atẹ̀wé_Òru

Mo ti gbé tábìlì sínú fáìlì tirẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́. Wọ́n ti fèsì. START/STOP dúró bó ṣe wà. Ti báìtì, wọ́n ní àwọn máa bi àwọn tó ń kọ sọ́fíwia. Àmọ́ wọn ò mẹ́nu kan ìṣẹ́jú 5 àti 10 rárá. Ṣé kí n tún béèrè?

Sùúrù_Lérè

O ti sọ ọ́, ó wà lákọsílẹ̀. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ ìtumọ̀ ni láti lépa oníbàárà, kì í ṣe tìrẹ.

Bàbá_Gbédègbẹyọ̀

Òótọ́ ni, àmọ́ èmi máa tún kọ ìlà kan, kìkì nípa rẹ̀, láìfi nǹkan mìíràn mọ́ ọn: "Ìbéèrè 1 ò tíì ní ìdáhùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ ìsọ̀rí 3.2 àti 5.1 kó tó dé." Fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì kan náà.

Sùúrù_Lérè

Ẹ̀ẹ̀kan péré o. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi sílẹ̀.

Atẹ̀wé_Òru

Mo ti kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti gbé e fún ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìṣègùn lọ́dọ̀ oníbàárà, pé Faransé wọn náà ní 5 àti 10. Mo ń retí wọn.